Bí Orin Ṣe Ń Dúró: Ìkádìí Mẹ́rin àti Bí A Ṣe Lè Kọ Ìdáhùn Rẹ̀

Nígbà tí a ń kọ́ ìwé kíkà, a kọ́ àwọn àmì kéékèèké tí ń sọ fún wa ibi tí ó yẹ kí a ti dúró. A mọ̀ pé ní ibi kọ́mà a ó kàn mí díẹ̀ ni, a ó sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ. A mọ̀ pé ní ibi fúsìtọ́ọ̀pù ọ̀rọ̀ náà ti parí. Ẹni tí kò bá ka àwọn àmì wọ̀nyí sí, à máa dàrú mọ́ ara rẹ̀ lẹ́nu, a kì í sì í gbọ́ ohun tí ó ń wí.

Orin náà ní ibi ìdúró tirẹ̀. Ibi tí gbólóhùn orin kan bá ti fẹ́ parí, àwọn ohùn tí ó jọ ń dún máa ń rìn lọ́nà kan tí etí fi ń mọ̀ bóyá orin náà ti délé, tàbí ó ṣì wà lójú ọ̀nà. Ìrìn yìí ni àwọn olórin ń pè ní kédẹ́ǹsì. Àwa yóò máa pè é ní ìkádìí nínú ẹ̀kọ́ yìí, nítorí òun ni ó ń ká gbólóhùn orin nílẹ̀.

Ohun tí ó mú wa kọ ẹ̀kọ́ yìí ni ọ̀ràn télọ̀ kan tí ó ń ránṣọ ní Múṣin. Ọ̀dọ̀ wa ni ó ti kọ́ ìwé kíkà, ní kíláàsì alẹ́. Ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Yábà, béèsì sì ni ohùn rẹ̀. Nígbà tí ó ti lè kàwé dáadáa, ó ní òun fẹ́ jókòó fún ìdánwò orin. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní àdúgbò wa, nítorí Yábà gan-an ni àjọ WAEC, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1952, ní ọ́fíìsì sí, orin sì wà lára àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ìdánwò lé lórí.

A fún un ní ìdánrawò. A tẹ dùùrù fún un lẹ́ẹ̀mejì, a ní kí ó sọ irú ìkádìí tí ó gbọ́. Ó kọ ọ́ pé ìkádìí pípé ni àwọn méjèèjì. Ọ̀kan nìkan ni ó gbà. A bi í pé, “Télọ̀, kí ni ẹ gbọ́ tí ẹ fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?”

Ó ní, “Tíṣà, àwọn méjèèjì ni wọ́n lọ láti tí sí dó. Ṣebí ohun tí ó bá dé dó ti parí?”

Etí rẹ̀ kò ṣì gbọ́ o. Lóòótọ́ ni tírẹ́bù lọ láti tí sí dó nínú méjèèjì. Ohun tí ó pa wá lẹ́rìn-ín ni pé béèsì ni òun fúnra rẹ̀ ń kọ, béèsì gan-an ni ó sì yẹ kí ó gbọ́, ṣùgbọ́n tírẹ́bù ni ó lọ dẹtí sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí tírẹ́bù ni ó wà lókè, òun ni ó sì ń gbé ohùn orin tí gbogbo ìjọ mọ̀. Bí ẹ bá di èyí nìkan mú nínú ẹ̀kọ́ yìí, pé ìsàlẹ̀ ni a ti ń mọ ìkádìí, máàkì yín kò ní kéré.

Kí a tó lọ síwájú, ọ̀rọ̀ kan wà tí a gbọ́dọ̀ là yé ara wa. Nígbà tí a kọ́ àmì ohùn nínú ìwé Yorùbá, wọ́n kọ́ wa ní dò, re, mí: dò fún ohùn ìsàlẹ̀, re fún ti àárín, mí fún ti òkè. Mẹ́ta péré ni ìyẹn. Dó, ré, mí ti orin tí a ń sọ nísinsìnyí jẹ́ méje: dó, ré, mí, fá, sọ́, lá, tí, kí a tó tún kan dó mìíràn lókè. Ìlú Òyìnbó ni ọ̀nà kíkọ orin báyìí ti wá. Obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sarah Glover ni ó pilẹ̀ rẹ̀ ní ìlú Norwich, John Curwen sì tún un ṣe, ó tàn án kálẹ̀. Títí di òní, ọ̀pọ̀ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ní Èkó ni kò lè ka orin orí ìlà, ṣùgbọ́n tí wọ́n lè ka sólífà bí ẹni mu omi. Nítorí náà, sólífà ni a ó lò.

Ní báyìí, kí ni kọ́ọ̀dù? Òun ni ohùn mẹ́ta tí a kọ papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a ṣe ń rí i kò le. Ẹ mú ohùn kan, ẹ fo èyí tí ó tẹ̀ lé e, ẹ mú èkejì, ẹ tún fo ọ̀kan, ẹ mú èyí tí ó kàn. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti dó, ẹ ó rí dó, mí, sọ́. Èyí ni kọ́ọ̀dù kìn-ín-ní, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ báyìí: I. Òun ni ilé. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti sọ́, ẹ ó rí sọ́, tí, ré. Èyí ni kọ́ọ̀dù karùn-ún, V. Láti fá, ẹ ó rí fá, lá, dó, èyí tí í ṣe ìkẹrin, IV. Láti lá, ẹ ó rí lá, dó, mí, èyí tí í ṣe ìkẹfà, VI. Mẹ́rin yìí tó wa lò lónìí.

Ẹ ṣàkíyèsí pé dó wà nínú I, ó wà nínú IV, ó sì tún wà nínú VI. Ibí yìí ni ọ̀ràn Télọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Tírẹ́bù lè wà lórí dó kí ó má sì tíì délé rárá.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e sẹ́nu wò. Ẹ kọ dó, ré, mí, fá, sọ́, lá, tí, kí ẹ sì dákẹ́ ní ibi tí. Ṣé ẹ rí i bí ara yín kò ti balẹ̀? Bí ọmọdé bá wà nítòsí, yóò bá yín fi dó sí i. Ìdí rẹ̀ ni pé tí àti dó súnmọ́ ara wọn gan-an, ìdajì ìgbésẹ̀ péré ni ó wà láàárín wọn. Lórí dùùrù, bí a bá mú kọ́kọ́rọ́ C ṣe dó, kò sí kọ́kọ́rọ́ dúdú láàárín tí àti dó. Nítorí náà, tí dà bí ẹni tí ó ti fi ẹsẹ̀ kan lé ẹnu ọ̀nà, ó ń wá bí yóò ti wọlé. Tí yìí sì wà nínú V. Ìdí nìyí tí V fi máa ń fà lọ sí I ju kọ́ọ̀dù mìíràn lọ.

Nígbà tí V bá lọ sí I ní ìparí gbólóhùn, ìkádìí pípé ni, èyí tí ìwé ìdánwò ń pè ní pẹ́fẹ́ẹ̀tì. Báyìí ni àwọn akọrin mẹ́rin ṣe máa ń rìn ín: tírẹ́bù láti tí gòkè sí dó, áátò dúró lórí sọ́, tẹ́nọ̀ láti ré gòkè sí mí, béèsì láti sọ́ fò sí dó ìsàlẹ̀. Fífò béèsì yìí ni òpó rẹ̀. Kò rọra yọ́ lọ, ó fò ni, ó sì balẹ̀ gbì sórí ilẹ̀ ilé. Fúsìtọ́ọ̀pù ni ìkádìí pípé.

Bí a bá yí ìrìn náà padà ńkọ́, kí a ti I lọ sí V, kí a sì dúró níbẹ̀? Tírẹ́bù yóò ti dó sọ̀kalẹ̀ sí tí, áátò yóò dúró lórí sọ́, tẹ́nọ̀ yóò ti mí bọ́ sí ré, béèsì yóò ti dó lọ sí sọ́. Ohùn kan náà ni gbogbo wọn, ó kàn jẹ́ pé iwájú di ẹ̀yìn ni. Ṣùgbọ́n etí kò ní gbà pé orin ti parí. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn sọ pé, “Bí òjò bá rọ̀,” tí ó sì panu mọ́. Gbogbo wa yóò máa wo ẹnu rẹ̀. Èyí ni ìkádìí aláìpé, ìmpẹ́fẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe I nìkan ni ó lè ṣáájú V níbí. IV lè ṣáájú rẹ̀, àwọn mìíràn náà lè ṣáájú rẹ̀. Ohun tí ó mú un jẹ́ aláìpé ni pé orí V ni ó dúró lé. Ní Amẹ́ríkà, háàfù kédẹ́ǹsì ni wọ́n ń pè é, ẹ má jẹ́ kí ó dà yín lójú rú bí ẹ bá rí i nínú ìwé wọn.

Ìkádìí kẹta ni èyí tí gbogbo ẹni tí ó ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ láìmọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n: ti Àmín ìparí orin. IV ni ó ń lọ sí I. Tírẹ́bù dúró lórí dó láì kúrò, áátò ti lá bọ́ sí sọ́, tẹ́nọ̀ ti fá bọ́ sí mí, béèsì ti fá bọ́ sí dó. Pílégà ni ìwé ìdánwò ń pè é. Ẹ rí i pé tí kò sí nínú rẹ̀ rárá, nítorí náà kò sí ìfà yẹn. Ó rọ̀. Ó dà bí ẹni tí ó ti délé tẹ́lẹ̀, tí ó wá ṣí fìlà rẹ̀, tí ó jókòó. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń tẹ̀ lé ìkádìí pípé: orin ti parí, Àmín wá tẹ́ ẹ lórí ìrọ̀rí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi Àmín nìkan ni a ti ń rí i, ó lè parí gbólóhùn láàárín orin pẹ̀lú.

Ìkẹrin ni ó mú Télọ̀. Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ láti Yábà lọ sí Múṣin rí yóò mọ irú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró ní Ojúẹlẹ́gba kí èrò lè sọ̀, ẹni tí ó ń lọ sí Múṣin kò ní dìde, ó mọ̀ pé ìrìn kù. Ìyẹn dà bí ìkádìí aláìpé. Bí ọkọ̀ bá dé Múṣin, gbogbo èrò a bọ́ sílẹ̀, ìkádìí pípé nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ó ku díẹ̀ kí a dé, ìyá kan ti gbé agbọ̀n rẹ̀ lé itan, a ti ń na ẹsẹ̀, ni dírẹ́bà bá rí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ níwájú, ó ṣẹ́rí sí àdúgbò tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ibi tí a dé súnmọ́ Múṣin, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí a sanwó sí.

Bẹ́ẹ̀ ni V ṣe máa ń ṣe nígbà tí ó bá lọ sí VI dípò I. Béèsì tí ó yẹ kí ó fò láti sọ́ sí dó, ó kàn gbé ẹsẹ̀ kan sókè sí lá ni. Áátò ti sọ́ sọ̀kalẹ̀ sí mí, tẹ́nọ̀ ti ré sọ̀kalẹ̀ sí dó. Tírẹ́bù ní tirẹ̀ kò mọ nǹkan kan: ó ti tí lọ sí dó bí ó ti máa ń ṣe. Ohùn lá, dó, mí sì ṣókùnkùn díẹ̀ ju dó, mí, sọ́ lọ, nítorí náà ó máa ń dà bí ìgbà tí àwọ̀sánmà bo oòrùn lójijì. Orúkọ rẹ̀ ni ìkádìí adánidúró, ìntàrọ́pútẹ́ẹ̀dì. A kì í fi í parí orin. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí a tún fi gbólóhùn kan sí i kí a tó délé.

Kí èyí má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, a hun orin kékeré kan fún kíláàsì alẹ́ wa, ìlà mẹ́rin péré:

Ilẹ̀ ti ṣú, ẹ tan iná,
Ìwé wa dà? Ẹ jẹ́ ká kà.
Bí oorun bá ń kùn wá,
A ó fi omi bọ́ ojú.

Ẹ wo ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ní ìlà kìn-ín-ní, “iná” bọ́ sí orí I lọ sí V. Tírẹ́bù gòkè láti dó sí ré, béèsì sì ti dó sọ̀kalẹ̀ sí sọ́ ìsàlẹ̀. Ìkádìí aláìpé ni. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ mọ̀ pé a kò tan iná kí a kàn máa wo ara wa lójú, nǹkan kan ń bọ̀.

Ní ìlà kejì, “ká kà” bọ́ sí orí V lọ sí I. Béèsì fò láti sọ́ sí dó. Ìkádìí pípé ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo tírẹ́bù: kò ti tí gòkè, ré ni ó ti sọ̀kalẹ̀ sí dó. Ré náà wà nínú V, nítorí náà ó tọ̀nà. Ẹ tún rí i pé àmì ìbéèrè wà lẹ́yìn “dà” nínú ìwé, ṣùgbọ́n orin kò dúró níbẹ̀. Àmì ìwé àti ìdúró orin kì í bọ́ sí ojú kan náà ní gbogbo ìgbà, bí olùdánwò bá sì bèèrè ìkádìí, ìdúró orin ni kí ẹ wá.

Ní ìlà kẹta, “kùn wá” bọ́ sí orí V lọ sí VI. Tírẹ́bù láti tí sí dó, béèsì láti sọ́ sí lá. Ìkádìí adánidúró ni, ó sì bá ọ̀rọ̀ náà mu, nítorí ẹni tí ó wí pé “bí oorun bá ń kùn wá” kò tíì wí ohun tí a ó ṣe.

Ní ìlà kẹrin, “ojú” bọ́ sí orí V lọ sí I. Tírẹ́bù tún ti tí lọ sí dó gẹ́gẹ́ bí ti ìlà kẹta, kò sí ìyàtọ̀ bí ó ti wù kí ó kéré mọ. Béèsì ni ó sọ ìyàtọ̀: sọ́ fò sí dó. A ti délé.

A kọ orin yìí fún Télọ̀. A ní kí òun nìkan kọ béèsì ìlà kẹta àti ìkẹrin, kí àwa sì máa kọ tírẹ́bù. Nígbà tí ó gbé ẹsẹ̀ sí lá, ó dáwọ́ dúró, ó ní, “Háà! Èmi ni mo ń já wọn kulẹ̀!” Láti ọjọ́ náà kò tún ṣì í mọ́.

Ó yẹ kí a sọ ìdí tí a fi jẹ́ kí tírẹ́bù sọ̀kalẹ̀ ní ìlà kejì, nítorí ọ̀rọ̀ tiwa ni èyí, kò sí nínú ìwé Òyìnbó. “Kà” ní ohùn ìsàlẹ̀. Bí a bá fi “ká kà” sí orí tí àti dó, ohùn yóò gòkè níbi tí ẹnu ti ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò sì yí padà létí. Ẹ fi “ọkọ̀” sí orí tí àti dó, ẹ ó gbọ́ “ọkọ́”. Ẹ fi í sí orí ré àti dó, ẹ ó gbọ́ “ọkọ̀” kedere. Ìkádìí pípé ni méjèèjì. T. K. Ekundayo Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Christ ní Marina láti ọdún 1914 títí di 1962, kọ ìwé kan ní ọdún 1953 lórí orin Yorùbá àti bí ọ̀rọ̀ ẹnu àti ohùn orin ti ní láti rìn pọ̀. Ẹni tí ó bá ń kọ orin Yorùbá níláti yan ohùn tírẹ́bù tí ó bá ọ̀rọ̀ mu, kí ó sì jẹ́ kí béèsì ṣe iṣẹ́ ìkádìí lábẹ́ rẹ̀. Àmín nìkan ni a máa ń dárí jì: ẹnu wa ní “Àmín”, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ṣùgbọ́n orí dó kan náà ni a ń kọ ọ́ sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ẹni tí ó ṣì í gbọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe mú ìkádìí mẹ́rin yìí lọ wọn àpàlà tàbí orin tí ìyá àgbà ń fi pa ààlọ́. Orin wọ̀nyẹn kì í fi kọ́ọ̀dù parí gbólóhùn. Bí lílé bá ti gbé ọ̀rọ̀ dé ibi kan, ègbè ni yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀, ìlù yóò sì sọ tirẹ̀, a ó mọ̀ pé ìlà kan ti parí. Ìkádìí tí a ń sọ yìí wà fún orin tí ohùn púpọ̀ ń jọ kọ lórí kọ́ọ̀dù.

Ó ku ohun méjì tí ó máa ń gba máàkì lọ́wọ́ ènìyàn. Àkọ́kọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ibi tí V bá ti lọ sí I ni ìkádìí wà. Ìrìn yìí lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìlà kan. Ìparí gbólóhùn, níbi tí akọrin ti ń mí, ni kí ẹ wò. Èkejì ni orin tí ó gbé ilé rẹ̀ sí orí lá, irú èyí tí ohùn rẹ̀ máa ń dà bí ti ọ̀fọ̀. Níbẹ̀, ohùn tí ó wà nísàlẹ̀ lá jìnnà ju ti tí sí dó lọ, kò ní ìfà. Nítorí náà, wọ́n máa ń gbé sọ́ sókè ní ìdajì ìgbésẹ̀, a ń pè é ní sé, kí ó lè súnmọ́ lá. Bí ẹ bá rí sé lójijì ní ìparí ìlà nínú irú orin bẹ́ẹ̀, ẹ tètè fura pé V ni ẹ wà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí a ti ń kọ ìdáhùn. Àwa fúnra wa ni a ṣe ìbéèrè yìí, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ni a ń bá pàdé.

Ìbéèrè: Ṣàlàyé irú ìkádìí mẹ́rin, kí o sì sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń fi ìparí gbólóhùn orin hàn.

Ìdáhùn: Ìkádìí ni kọ́ọ̀dù méjì tí ó parí gbólóhùn orin. Ìkádìí pípé ni V lọ sí I. Béèsì ń fò láti sọ́ sí dó, tí inú V sì ń lọ sí dó, nítorí náà ó ń fi hàn pé orin ti parí, bíi fúsìtọ́ọ̀pù. Pílégà ni IV lọ sí I, béèsì láti fá sí dó. Òun náà ń parí orin, ṣùgbọ́n ó rọ̀ ju pípé lọ nítorí pé kò sí tí nínú rẹ̀. A máa ń gbọ́ ọ nínú Àmín. Ìkádìí aláìpé ni èyí tí ó dúró lórí V, bíi I lọ sí V, béèsì láti dó sí sọ́. Ó ń fi hàn pé gbólóhùn ti dúró ṣùgbọ́n orin kù, bíi kọ́mà. Ìkádìí adánidúró ni V lọ sí VI. Etí ń retí I, ṣùgbọ́n béèsì gòkè láti sọ́ sí lá dípò dó, nítorí náà orin gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú.

Ìdáhùn náà kò gùn. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ó rí i pé nǹkan mẹ́ta ni ó wí nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan: kọ́ọ̀dù méjèèjì, ohùn kan tí ó fi í hàn, àti bí ó ti ń dún létí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa kọ orúkọ àti kọ́ọ̀dù, wọn a sì gbàgbé bí ó ti ń dún, bẹ́ẹ̀ ìyẹn ni apá kejì ìbéèrè. Àwọn mìíràn a kọ kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, wọn a ní, “Pílégà ni IV.” Kọ́ọ̀dù kan kò lè ṣe ìkádìí, bí ẹsẹ̀ kan kò ti lè rìn.

Ìdánrawò

1. Béèsì ti fá lọ sí dó ní ìparí gbólóhùn, tírẹ́bù sì dúró lórí dó. Irú ìkádìí wo ni?

2. Tírẹ́bù ti tí lọ sí dó. Kí ni ẹ ó kọ́kọ́ bèèrè kí ẹ tó sọ pé ìkádìí pípé ni?

3. Ẹ mú orin kan tí ẹ mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, tí ó ní ìlà mẹ́rin. Ẹ ní kí ẹni tí ń kọ béèsì kọ ohùn méjì ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan fún yín. Ìlà wo ni ó dúró lórí sọ́? Ìlà wo ni ó délé?

4. Ẹ fi “ilé” àti “ilẹ̀” sí ìparí gbólóhùn orin, ìkádìí pípé ni kí ẹ fún àwọn méjèèjì. Ohùn méjì wo ni tírẹ́bù yóò kọ fún “ilé”, èwo ni yóò sì kọ fún “ilẹ̀”?